Bí mo ṣe gba olóòtú fídíò àkọ́kọ́ fún ìkànnì aṣọ rírán mi

Aṣọ rírán ni mo ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ènìyàn lórí YouTube: bí a ṣe ń gé bùbá, bí a ṣe ń fi láínìnì sí aṣọ, bí ọrùn aṣọ ọmọdé ṣe ń jókòó tí kò ní máa fà. Fún ìgbà pípẹ́, èmi ni mò ń ya fídíò, èmi ni mò ń gé e, èmi náà ni mò ń ṣe àwòrán iwájú rẹ̀. Nígbà tó wá di pé fídíò kan ń gba gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ mi, tí aṣọ oníbàárà sì ń dúró nílẹ̀, mo pinnu láti wá ẹni tí yóò máa bá mi ṣe é. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe rí i, nítorí ọ̀pọ̀ àwa tí a ń fi èdè wa ṣe fídíò máa ń béèrè iye owó kí á tó mọ irú iṣẹ́ tí a fẹ́ rà gan-an.

Kí n tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, mo mú fídíò kan tí mo ti gé fúnra mi, mo sì wo ibi tí àkókò mi ń bá lọ. Èyí tí mo yà jẹ́ ìṣẹ́jú 52. Èyí tó jáde jẹ́ ìṣẹ́jú 11. Gígé gan-an kọ́ ló pẹ́ jù níbẹ̀. Ohun tó pẹ́ ni pé kí n jókòó wo ìṣẹ́jú 52 yẹn látòkè délẹ̀, kí n máa yàn nínú ìgbà mẹ́ta tí mo sọ ọ̀rọ̀ kan náà èyí tó yé ènìyàn jù. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé gígùn fídíò àìgé ló ń pinnu owó iṣẹ́ olóòtú, kì í ṣe gígùn èyí tí àwọn ènìyàn yóò wò. Ẹni tó bá sọ fún olóòtú pé "fídíò ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni" kò tíì sọ nǹkan kan fún un. Ó lè jẹ́ pé ogún ìṣẹ́jú ló yà kó tó rí mẹ́wàá, ó sì lè jẹ́ wákàtí méjì.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ níwájú fóònù, mo máa ń pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó tún un sọ. Nígbà tí fídíò bá wọ inú kọ̀ǹpútà, ìlà ohùn máa ń yọ ṣóńṣó síta níbi àtẹ́wọ́ náà, ẹni tó ń gé e á sì ti rí i láti òkèèrè pé ohun tó ṣáájú ibẹ̀ kò wúlò. Kò ná mi ní kọ́bọ̀, ó sì dín iṣẹ́ olóòtú kù ju ohunkóhun mìíràn tí mo ṣe lọ.

Ní ti ibi tí a ti ń rí wọn, mo kọ́kọ́ wo Fiverr àti Upwork. Àwọn tó mọ iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n dọ́là ni wọ́n fi ń ka owó, Fiverr sì ń yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó ẹni tó ṣe iṣẹ́, nítorí náà ó máa ń ti fi ìyẹn sórí iye tó ń pè. Èyí tó tilẹ̀ ká mi lára jù ni ọ̀rọ̀ èdè. Nínú fídíò mi, mo lè sọ pé, "Ẹ gé e ní íńṣì mẹ́fà," kí n tún wò ó, kí n ní, "Rárá, mẹ́fà àbọ̀." Olóòtú tí kò gbọ́ Yorùbá kò lè mọ̀ pé mo ti yí ọ̀rọ̀ padà. Á fi mẹ́fà sílẹ̀, á gé mẹ́fà àbọ̀ dànù nítorí pé ó dà bí àsọtúnsọ létí rẹ̀, ẹni tó bá sì wo fídíò náà á ba aṣọ rẹ̀ jẹ́.

Àwọn tó ń gé fídíò ìgbéyàwó ládùúgbò ni mo tún lọ bá. Wọ́n gbọ́ èdè, wọ́n mọ àwọ̀ àti ohùn tún ṣe, wọ́n sì ní kọ̀ǹpútà tó lágbára. Ìṣòro wọn ni pé òde ìnáwó Sátidé ló ń bọ́ wọn. Láti Ọjọ́bọ̀ títí di Àìkú, ẹ kò ní rí wọn bá sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni fídíò tèmi máa ń jáde ní ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tó bá lè jẹ́ kí fídíò tirẹ̀ máa jáde láàárín ọ̀sẹ̀ lè bá wọn ṣe dáadáa.

Ibi tí mo ti wá rí ẹni gidi ni abẹ́ fídíò àwọn ìkànnì kéékèèké tó jọ tèmi: àwọn tó ń kọ́ni ní oúnjẹ sísè, àwọn tó ń kọ́ni ní irun dídì. Àwọn kan máa ń kọ orúkọ ẹni tó gé fídíò sí àlàyé tó wà nísàlẹ̀. Mo tún fi ìkéde sí ẹgbẹ́ WhatsApp méjì tí àwọn oní-fídíò wà. Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyí:

"Mo ń wá ẹni tí yóò máa gé fídíò aṣọ rírán, ẹyọ kan lọ́sẹ̀. Fídíò àìgé kì í ju wákàtí kan lọ, èyí tó máa jáde kì í ju ìṣẹ́jú 12. Ẹni náà gbọ́dọ̀ gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ẹ wo fídíò mi tó wà nísàlẹ̀ yìí, kí ẹ sọ ibi méjì tí ẹ̀yin ì bá ti gé, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀. Ẹ má tíì sọ iye owó."

Gbólóhùn tó ní kí wọ́n sọ ibi méjì yẹn ló ṣe iṣẹ́ jù nínú ìkéde náà. Ọ̀pọ̀ ló kàn fi nọ́ńbà fóònù àti "mo wà nílé fún iṣẹ́" ránṣẹ́. Àwọn tó wo fídíò náà ní tòótọ́ kò pọ̀, àwọn wọ̀nyẹn nìkan ni mo sì dá lóhùn. N kò fi àkójọ iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá tí wọ́n fi ránṣẹ́ ṣe ìpinnu. Fídíò tó ti jáde kò lè sọ fún ọ bí èyí tí wọ́n gé e látinú rẹ̀ ṣe rí, àwọn mìíràn sì máa ń fi iṣẹ́ ẹlòmíràn pe tiwọn. Bí ẹ bá fẹ́ wo iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá, ẹ ní kí ẹni náà fi ìṣẹ́jú méjì nínú fídíò àìgé ránṣẹ́ pẹ̀lú èyí tó gé nínú rẹ̀. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ á rí i.

Mo wá mú mẹ́ta nínú wọn, mo sì fún wọn ní ìdánwò kan náà. Mo sanwó rẹ̀: ₦5,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, bóyá n ó gbà á tàbí n kò ní gbà á. Èmi kò fara mọ́ kí á máa gba iṣẹ́ ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ lábẹ́ orúkọ ìdánwò. Yàtọ̀ sí pé kò tọ́, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí fún iṣẹ́ gidi kò ní ṣe é, àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ nìkan lo máa rí. Fídíò ìdánwò náà jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́fà, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fi ohun mẹ́ta sínú rẹ̀. Mo sọ íńṣì kan, mo sì tún un ṣe. Mo tẹ́ tépù sórí aṣọ, mo sì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń dún ní ìdajì rẹ̀.

Ti ẹni àkọ́kọ́ lẹ́wà púpọ̀. Àwòrán ń yí, orin ń lù, àwọ̀ aṣọ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gé ibi tí tépù wà kúrò pátápátá, nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó yé mi ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀: nínú fídíò ẹ̀fẹ̀ àti ti ìgbéyàwó, ìdákẹ́jẹ́ máa ń lé ènìyàn lọ. Nínú ti aṣọ rírán, ibẹ̀ ni òǹwòran ti ń ka nọ́ńbà. Ẹnì kejì fi tépù sílẹ̀, ó sì rí àtúnṣe ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó lé ariwo jẹnẹrétọ̀ kúrò débi pé ohùn mi dún bí ẹni tó wà nínú kànga. Ẹnì kẹta kò tíì fọwọ́ kan iṣẹ́ tó fi pè mí. Ó ní, "Àǹtí, ẹ kọ́kọ́ ní mẹ́fà, ẹ tún ní mẹ́fà àbọ̀. Ṣé kí n kọ ọ́ sójú fídíò ni àbí kí n kàn yọ ti àkọ́kọ́?" Ó tún béèrè bóyá fóònù ni ọ̀pọ̀ òǹwòran mi fi ń wò ó, kó lè mọ bí lẹ́tà yóò ṣe tóbi tó. Iṣẹ́ tó fi ránṣẹ́ kò ní ọ̀ṣọ́ kankan, ariwo jẹnẹrétọ̀ sì ṣì ń dún díẹ̀ lábẹ́, àmọ́ gbogbo ohun tí òǹwòran nílò wà níbẹ̀. Òun ni mo gbà. Ọ̀ṣọ́ ṣeé kọ́. Ẹni tí kì í béèrè ọ̀rọ̀ kó tó gé nǹkan kò rọrùn láti tún kọ́.

Ọ̀rọ̀ owó ló wá kàn. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n sábà ń gbà dá a: iye kan fún ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan nínú fídíò tó jáde, iye kan fún fídíò kọ̀ọ̀kan, tàbí owó oṣù. N kò fẹ́ ti ìṣẹ́jú, nítorí ó ń mú kí olóòtú fẹ́ kí fídíò gùn, nígbà tí èmi fẹ́ kó kúrú. Owó oṣù dára bí iṣẹ́ bá dúró sójú kan, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba olóòtú kò tíì mọ̀ bóyá yóò lè máa ya fídíò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo fara mọ́ ti fídíò kọ̀ọ̀kan, kí á sì fi ààlà sí fídíò àìgé.

Mo bi í léèrè pé wákàtí mélòó ni fídíò ìṣẹ́jú 52 yẹn yóò gbà á. Ó ní bíi mẹ́jọ: wákàtí kan láti wò ó, mẹ́ta láti gé e, méjì fún nọ́ńbà àti lẹ́tà ojú fídíò, ìyókù fún ohùn, àwọ̀ àti àtúnṣe. Ó fi epo jẹnẹrétọ̀ àti dátà kún un, a sì fẹnu kò sí ₦28,000 fún fídíò kan. Bí fídíò àìgé bá ju wákàtí kan lọ, ₦3,000 ló máa gun orí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 kọ̀ọ̀kan. Ìdajì owó ní ìbẹ̀rẹ̀, ìdajì nígbà tí mo bá gba iṣẹ́. Àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì wà nínú owó náà. Bí ó bá ṣe ohun tó yàtọ̀ sí ohun tí mo kọ sílẹ̀, kì í ṣe àtúnṣe nìyẹn, ó gbọ́dọ̀ ṣe é padà. Bí èmi bá yí ọkàn padà lẹ́yìn tó ti ṣe é bí mo ṣe wí, àtúnṣe ni, a óò sì kà á. Gbólóhùn méjì yìí ti gbà wá lọ́wọ́ ìjà púpọ̀.

Dátà náà ní láti wọ inú ìdúnàádúrà. Fídíò tí fóònù mi ń yà ń gba bíi MB 130 fún ìṣẹ́jú kan, nítorí náà ìṣẹ́jú 52 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó GB 7. Ọ̀fẹ́ tí Google Drive ń fúnni jẹ́ GB 15, fídíò méjì péré ló sì máa gbà. Èmi á san dátà láti gbé e sókè, òun náà á san láti sọ ọ́ kalẹ̀. Ìlú kan náà la wà, nítorí náà fíláàṣì la fi ń ṣe é: ó ń gbà á ní ṣọ́ọ̀bù mi ní ọjọ́ Ajé. Ẹ má ṣe fi fídíò àìgé ránṣẹ́ lórí WhatsApp bíi fídíò lásán, ó máa ń fún un pọ̀, àwòrán á sì bàjẹ́. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì, kò ní fọwọ́ kàn án.

Ìwé àlàyé iṣẹ́ tí mo kọ fún un kò ju ojú ewé kan lọ, ṣùgbọ́n mo lo àkókò lórí rẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé ọ̀rọ̀ bíi "jẹ́ kó dùn" tàbí "ṣe é kó wuni" kò lè ran olóòtú lọ́wọ́. Ohun tí ojú lè rí tí etí sì lè gbọ́ ni kí á kọ. Díẹ̀ nínú rẹ̀ rèé:

"Má gé ibi tí tépù bá wà lórí aṣọ. Jẹ́ kó hàn fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin ó kéré tán, kódà bí n kò bá sọ̀rọ̀. Gbogbo iye íńṣì gbọ́dọ̀ hàn ní nọ́ńbà lókè fídíò, má fi sísàlẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ máa ń jókòó. Bí mo bá ń gé aṣọ, má fi orin sí i; ohùn àlùmọ́gàjí ló ń sọ fún òǹwòran bí mo ṣe ń yára tó. Aṣọ tí a ti rán tán gbọ́dọ̀ hàn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 15 àkọ́kọ́. Inú Audio Library ti YouTube nìkan ni kí o ti mú orin."

Mo kọ ti orin nítorí Content ID, ètò tí YouTube fi ń dá orin tó ní olówó mọ̀ nínú fídíò. Bí olóòtú bá fi orin olórin gbajúmọ̀ sábẹ́ fídíò, ẹni tó ni orin lè gba gbogbo owó ìpolówó fídíò náà.

Lẹ́yìn náà, mo so fídíò mẹ́ta mọ́ ìwé náà, méjì tí mo fẹ́ àti ọ̀kan tí n kò fẹ́, mo sì kọ ìṣẹ́jú pàtó tí kó wò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ohun tí mo fẹ́ kó rí níbẹ̀. Èyí tí n kò fẹ́ yẹn ló ṣe é lóore jù.

Nínú fídíò àkọ́kọ́ tó ṣe, ẹnu mi àti ohùn mi bára mu ní ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ nígbà tó fi máa parí, ohùn ti ṣáájú ẹnu. Fóònù ló fà á: iye àwòrán tó ń yà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan kì í dúró sójú kan, Premiere Pro tí olóòtú mi ń lò sì lè ṣì í kà. Ó wá ń kọ́kọ́ gba fídíò náà kọjá nínú HandBrake, ètò kọ̀ǹpútà tó ń yí fídíò padà, níbi tó ti ń yan `Constant Framerate`, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Bí ẹ bá ń fi fóònù ya fídíò gígùn, ẹ bi olóòtú yín bóyá ó mọ èyí.

Àwòrán iwájú fídíò jẹ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀, ẹlòmíràn ni mo sì fún. Ẹni tó mọ fídíò gé lè má mọ àwòrán ṣe. ₦6,000 ni mò ń san fún fídíò kan, àwòrán mẹ́ta ló sì ń fún mi, nítorí YouTube ní ìdánwò kan tó lè fi àwòrán tó tó mẹ́ta han àwọn òǹwòran ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tó sì ń yan èyí tí àwọn ènìyàn fi àkókò púpọ̀ wo fídíò lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀ gedegbe: ọ̀kan aṣọ nìkan, ọ̀kan èmi pẹ̀lú aṣọ, ọ̀kan ibi tí iṣẹ́ ti sábà ń bàjẹ́, bí ọrùn tó ká sókè. Bó bá jẹ́ àwọ̀ lẹ́tà nìkan ló yàtọ̀, ìdánwò náà kò ní sọ nǹkan kan.

Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1280 ní ìbú, 720 ní gíga. Ṣùgbọ́n orí kọ̀ǹpútà ńlá kọ́ ni mo ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Mo máa ń dín in kù lórí fóònù títí yóò fi kéré bí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fídíò, n ó sì na ọwọ́ tí mo fi mú un jìnnà sí ojú mi. Bí n kò bá lè mọ irú aṣọ tó jẹ́, ó padà nìyẹn. Kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun sí igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, torí ibẹ̀ ni YouTube ń kọ gígùn fídíò sí.

Àmì ohùn ni mo kọ́kọ́ fi ń dán ẹni tó fẹ́ ṣe àwòrán wò. Mo ní kó fi fọ́ǹtì tó fẹ́ lò kọ "Ẹ̀wù ọmọdé: ọ̀nà tó yá". Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì aláràbarà kò lè gbé àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀ lórí lẹ́tà kan ṣoṣo. Àmì á fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kí àpótí òfìfo jókòó síbẹ̀. Noto Sans ń gbé e dáadáa, a sì lè mú un nípọn. Ẹni tí mo gbà fúnra rẹ̀ ló rí i pé àmì kan ti fò, kí n tó sọ ọ́. Mo sì máa ń ya fọ́tò fún un lọ́jọ́ tí mo bá ń ya fídíò, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tó dára, torí àwòrán tí a bá mú látinú fídíò kì í mọ́ tó ti fọ́tò.

Àwọn méjèèjì kò mọ ọ̀rọ̀ aṣínà mi. Nínú YouTube Studio, ní Settings, lábẹ́ Permissions, mo pe olóòtú wọlé gẹ́gẹ́ bí `Editor (limited)`. Ó lè gbé fídíò sókè, ó lè tún àlàyé rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n kò rí owó tó ń wọlé. Bí iṣẹ́ bá parí láàárín wa, mo lè yọ ọ́ níbẹ̀ láìyí ohunkóhun padà. A sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé fáìlì iṣẹ́ náà, pẹ̀lú àwọn lẹ́tà àti ohùn tó wà nínú rẹ̀, yóò máa wá pẹ̀lú fídíò kọ̀ọ̀kan lórí fíláàṣì kan náà tó ń bá a lọ ní ọjọ́ Ajé.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó ní fídíò mi kò gba wákàtí mẹ́jọ mọ́. Àtẹ́wọ́ yẹn ti sọ ọ́ di bíi márùn-ún. Ó béèrè bóyá kí òun dín owó kù. Mo ní rárá. Kó fi àkókò tó ṣẹ́ kù gé fídíò kékeré méjì fún mi látinú èyí tó gùn, fún ₦4,000 lórí ti tẹ́lẹ̀. A ṣì ń ṣe é bẹ́ẹ̀.